Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ sólà láì mọ ẹnì kankan níbẹ̀

Kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ sólà, báńkì kékeré kan l'Ékòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́ka àwọn tó ń yáni lówó. Èmi ni mo máa ń lọ wo ọjà àwọn oníṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó yá wọn lówó, èmi náà ni mo tún máa ń pè wọ́n tí ọjọ́ àtisan bá ti ń súnmọ́. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n tún wá sún owó iná àwọn tó wà ní Báńdì Éè kúrò ní bíi náírà 68 lọ sí 225 lórí yúníìtì kan lóṣù Kẹrin 2024, gbogbo kọ́sítọ́mà tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni, ọ̀rọ̀ epo ni, mo wá ní ṣebí àwọn tó ń ta sólà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ń wá kiri yìí. Bí mo ṣe pinnu nìyẹn. Àmọ́ mi ò mọ onísólà kankan, kò sí ọmọ ìyá mi tó ń ṣe é, kò sí ẹni tá a jọ lọ síléèwé, kò tiẹ̀ sí aládùúgbò.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fúnra ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ibi téèyàn ti lè kọ́ ìyẹn pọ̀. Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n mọ̀ láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ ni pé kó lọ kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí àwọn ọ̀gá ńlá inú iṣẹ́ náà. Ó dáa, àmọ́ ẹ wo irú nǹkan táwọn èèyàn ń kọ: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo fẹ́ràn iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe, mo fẹ́ wọ inú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà." Kí ni kí ọ̀gá yẹn fèsì? Ọ̀nà wo ni kó tọ́ ọ sí? Ẹni tó ti wà lórí páànù ilé onílé láti àárọ̀, tí òòrùn ti fẹ́ bó o lára, tó tún ní kọ́sítọ́mà tó ń pè é pé bátìrì òun ò gba iná, á wo mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn, á ní tó bá dalẹ́ òun á dáhùn, ó tán nìyẹn. Èèyàn burúkú kọ́, ìbéèrè yẹn ló pọ̀ ju àyè tó ní lọ.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti iṣẹ́ sólà gan-an. Àwọn onísólà máa ń ṣọ́ra fún àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti mú ọmọọṣẹ́ dání lọ sílé kọ́sítọ́mà, tí ọmọọṣẹ́ yẹn rọra gba nọ́ńbà kọ́sítọ́mà lẹ́yìn ọ̀gá, nígbà tí àbúrò kọ́sítọ́mà fẹ́ ṣe tiẹ̀, ọmọọṣẹ́ ni wọ́n pè. Torí náà tó o bá dé, tó o ní o fẹ́ mọ iṣẹ́, kì í ṣe bí orí ẹ ṣe pé tó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, wọ́n ń wò ó bóyá o máa gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ sí ẹ létí o. Wọ́n kàn máa sọ pé "kò sí ìyọnu, a máa pè ọ́", wọn ò sì ní pè ọ́ láéláé.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni káńtà. Ní Álábà, lápá Ọ̀jọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta pánẹ́ẹ̀lì, ínfátà, bátìrì, wáyà àti bírékà pọ̀ lọ súà. Onísólà tó ń ṣe ilé ńlá l'Ékòó àti ẹni tó ń ṣe ṣọ́ọ̀bù barbà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa gbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ẹrù. Ẹni tó ò lè rí lójú fóònù, wàá bá a níbẹ̀ tó ń nájà bírékà. Mo ní kọ́sítọ́mà báńkì àtijọ́ kan tó ń ta fáànù nítòsí ibẹ̀, òun ló mú mi mọ oníṣọ́ọ̀bù sólà kan, ọmọ Íbò ni ọkùnrin náà, Yorùbá ẹnu ẹ̀ dùn ju tàwa mìíì lọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi níṣẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n máa wá jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀, kí n máa bá a kọ rìsíìtì, kí n sì máa bá a kọ àwọn tó gba ọjà láwìn sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó dá mi lójú. Ọ̀rọ̀ àwìn yẹn ló mú un, torí gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló ní gbèsè níta, iṣẹ́ tí mo sì ti ń ṣe látẹ̀yìnwá ni ká tọ́jú orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, iye tó jẹ, ọjọ́ tó ní òun máa san.

Téèyàn bá jókòó sídìí káńtà, ó máa gbọ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún un tó bá bi wọ́n. Èwo nínú àwọn ínfátà ni wọ́n máa ń gbé padà wá? Ta ló ń ra ẹrù fún iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀, ta ló ń ra bírékà ẹyọ kan? Ta ló ń sanwó lójú ẹsẹ̀? Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ irú ẹni tí mo fẹ́ sún mọ́. Wáyà tó ń bọ̀ látorí pánẹ́ẹ̀lì, iná dísíì ló ń gbé, bírékà dísíì ló yẹ kó wà lórí ẹ̀, torí iná dísíì kì í ṣeé já bíi ti NEPA, tó bá ṣáná láàárín bírékà tí kì í ṣe tiẹ̀, iná yẹn lè má kú, ó lè yọ́ bírékà, ó tiẹ̀ lè jó ilé. Àwọn kan máa ń wá ra bírékà ilé lásán torí ó pọ́ọ́kú. Mi ò tẹ̀ lé irú wọn. Ẹ̀gbọ́n kan wà tó jẹ́ pé kò ní gba bírékà kankan láì yí i wò kó sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, ọkọ̀ ẹ̀ ò jọjú, kì í sì í ṣe ọ̀gá ńlá, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò dilẹ̀ rí. Mo ní ẹni tí mò ń wá rèé. Ọ̀gá ńlá tó ní ọ́fíìsì n'Íkòyí kò ráyè, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà ń wá ẹni tó máa mú òun mọ èèyàn. Àárín àwọn méjèèjì lẹni tó wúlò fún àjèjì wà.

Mo bá ẹ̀gbọ́n tó máa ń yí bírékà wò yẹn kọ rìsíìtì lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo gbọ́ tó ń sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé kó gbé ínfátà 24V yẹn kúrò, 48V lòun ń fẹ́. Nígbà tí mo délé mo ka ìwé tó wà nínú páálí ínfátà náà lórí fóònù, nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kọ èyí sí i lórí Wọ́sáàpù:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo bá yín kọ rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù lánàá. Mo gbọ́ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi 48V pààrọ̀ 24V. Mo ṣèṣirò ẹ̀: 5,000 wáàtì lórí 24V á fa bíi 208 áńpù látinú bátìrì, lórí 48V á fa bíi 104. Ṣé torí wáyà lẹ ṣe sọ bẹ́ẹ̀ àbí ìdí míì tún wà? Ìgbà tẹ́ ẹ bá ráyè ni o."

Ó dáhùn kílẹ̀ tó ṣú, fọ́ìsì nóòtì ló fi ránṣẹ́. Ó ní wáyà ni o, tí áńpù bá ti pọ̀ báyẹn wáyà á nípọn, á wọ́n, ibi tí wọ́n ti dè é á sì máa gbóná, àti pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ń tà wàràwàrà báyìí, 51.2V ló pọ̀ nínú ẹ̀, torí ìyẹn kọ́sítọ́mà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 48V lè fi òmíràn kún un lọ́la. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ìwọ obìnrin yìí, kí lò ń ṣe gan-an?" Ìbéèrè tí mo fẹ́ kó bi mí nìyẹn, àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, á dà bíi pé mò ń tọrọ ni.

Ẹ wo mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn dáadáa. Ó sọ ibi tá a ti pàdé, kò ní máa rò ó pé ta nìyí. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun fúnra ẹ̀ ni mo mú, mi ò yìn ín. Ìṣirò tèmi wà níbẹ̀, ó rí i pé mo ti ṣe díẹ̀ kí n tó bèèrè. Gbólóhùn kan péré ló lè fi dáhùn. Mi ò sì tọrọ nǹkan kan. Tí kò bá dáhùn, kò sí ohun tó bà jẹ́, mo ṣì máa rí i ní káńtà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń já okùn sí ni lẹ́yìn ìdáhùn yẹn. Wọ́n á kọ "ẹ ṣé sà", wọ́n á dákẹ́, ìgbà tí wọ́n bá tún nílò nǹkan ni wọ́n á tó tún yọjú. Èmi lọ béèrè iye wáyà méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi iye owó méjèèjì ránṣẹ́ sí i, mo ní ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ o, ìyàtọ̀ àárín wọn pọ̀. Mi ò fi ìbéèrè tuntun sí i. Ẹni tó bá rí i pé ohun tóun sọ ò bọ́ sílẹ̀, á tún sọ òmíràn. Mo ní ìwé kékeré kan, bíi èyí tí mò ń lò ní báńkì: ẹni tí mo pàdé, ibi tá a ti pàdé, ohun tó sọ fún mi, ohun tí mo ní màá ṣe, ọjọ́ tí màá dá èsì padà. Ní báńkì a máa ń fi í lé àwọn onígbèsè kiri ni, níbí èmi ni mo jẹ gbèsè, èmi ni mò ń fi í lé ara mi.

Nígbà tó yá mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá mo lè tẹ̀ lé e lọ síbi tó ti ń kọ lóòdù ilé sílẹ̀, ìyẹn nìkan, mi ò sọ̀rọ̀ òrùlé, mi ò sọ̀rọ̀ owó. Ó gbà. Mo di ìwé mú, ó ń pe fáànù, fìríìjì, bọ́ọ̀bù, mò ń kọ. Ìyá tó nilé rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Àǹtí, fún mi ní nọ́ńbà tìẹ, ọ̀gá yín yìí kì í gbé fóònù." Mo ní mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ fún un, nọ́ńbà ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa pè. Bá a ṣe wọnú ọkọ̀ mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé wọ́n béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ mi o, mi ò fún wọn, àmọ́ wọ́n ní ẹ kì í gbé fóònù. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ó dáa, láti ọ̀la ìwọ ni kó o máa bá mi dá wọn lóhùn." Ṣé ẹ rí i, gbogbo ìṣirò 24 àti 48 yẹn kò tó ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ mi fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó ń pè mí ní Àǹtí Báńkì, àwọn yẹn náà sì ń pè mí kí n bá wọn kọ ìwé iye owó tí wọ́n fẹ́ fún kọ́sítọ́mà, torí ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ jókòó kọ nǹkan kan.

Mo wá rántí nǹkan kan. Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan nínú iṣẹ́ sólà, òótọ́ ni, àmọ́ mo mọ ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ ra sólà. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ iṣẹ́ kó bi ara ẹ̀ dáadáa, bó ò bá mọ àwọn tó ń ṣe é, ṣé o ò mọ àwọn tó ń rà á ni? Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ o, mi ò kó ìwé orúkọ kọ́sítọ́mà báńkì jáde, ti báńkì nìyẹn, òfin ààbò détà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 náà ò sì fàyè gbà á kéèyàn máa kó ìsọfúnni oníbàárà kiri báyẹn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ mí lójú, tá a ti jọ ń kí ara wa, ni mo lọ bá.

Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá aránṣọ kan ní Agége. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá mẹ́ta, fáànù méjì àti bọ́ọ̀bù mẹ́fà. Mótò ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, 400 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára, ó di 1,200. Fáànù 70 lọ́nà méjì jẹ́ 140, bọ́ọ̀bù 10 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 60, gbogbo ẹ̀ 1,400 wáàtì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, tí gbogbo ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ìyẹn á lé díẹ̀ ní yúníìtì 11. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 51.2V tó jẹ́ 100Ah, yúníìtì 5 àti díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, tí òòrùn ò bá yọ kò ní gbé wọn pé wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ní àfi kí wọ́n ra bátìrì méjì, owó yẹn ò sì sí lọ́wọ́ ìyá.

Mo padà lọ jókòó ti ìyá lẹ́nu iṣẹ́, torí bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo ń yẹ ọjà wò kí báńkì tó yáni lówó nìyẹn. Mo rí i pé mótò yẹn, oníkilọ́ọ̀ṣì ni, tí wọ́n bá ti tan án báyìí ó ń yí títí, kódà tí ọmọọṣẹ́ bá ń gé òwú tàbí tó ń wá bọ́tìnnì. Aránṣọ míì ládùúgbò ti gbé mótò sẹ́fò sí tiẹ̀, ìyẹn kì í yí àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún ẹ̀gbọ́n, kò gbọ́ ọ rí, torí iṣẹ́ aránṣọ kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀. Ìyá pààrọ̀ mótò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, áyọ́ọ̀nù wọn tá ò kà mọ́ ọn, tó ju 1,000 wáàtì lọ, dúró sórí iná NEPA, kò wọ inú sólà rárá, bátìrì kan tó wọn. Láti ọ̀dọ̀ wọn làwọn aránṣọ míì ti wá. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ̀ pé báńkì máa ń kọ́ èèyàn nírú nǹkan báyìí. Mo ní ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò mọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark Granovetter ṣe ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1973, lórí àwọn tó pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton lẹ́bàá Boston, l'Ámẹ́ríkà. Nínú àwọn tó rí iṣẹ́ látọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, bíi 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn máa ń rí ẹni yẹn déédéé. Bíi 56 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan làwọn ń rí i, 28 ní ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Àwọn tó rí iṣẹ́ lọ́nà yẹn nínú ìwádìí ẹ̀ ò pọ̀ o, 54 ni wọ́n, àmọ́ ó bá ohun tójú mi rí mu. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní báńkì fẹ́ràn mi, wọ́n gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ báńkì ni gbogbo wọn mọ̀, ohun tí mo mọ̀ náà ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó ń ta fáànù, tí mi ò rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mélòó kan, òun ló mú mi dé káńtà.

Àwọn ibi míì téèyàn lè gbà wà. Àwọn tó ń ṣe ínfátà máa ń ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ fáwọn onísólà, ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ ìgbà, oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà wọn ló máa ń mọ ọjọ́ ẹ̀. Ìpàtẹ Nigeria Energy náà wà, tí wọ́n máa ń ṣe ní Landmark Centre ní Fíkitóríà Áílàǹdì. Níbẹ̀, ẹ má lọ tò sẹ́yìn ọ̀gá tó wọ kóòtù, ẹ wá ẹni tó ń tún ínfátà tó bà jẹ́ ṣe fún wọn, gbogbo onísólà ló ní nọ́ńbà onítọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń gba owó kí wọ́n tó fi yín sínú gúrúùpù Wọ́sáàpù tí wọ́n ní àwọn onísólà ńlá wà nínú ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ń bèèrè nǹkan tó bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹlòmíì sì ń dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ àdúrà òwúrọ̀ àti pósítà lásán ló kún ibẹ̀, àwọn tó ń wá iṣẹ́ bíi tiyín ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà ní ibi tó yẹ kó dúró. Títẹ̀lé èèyàn lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ lóòdù, ẹ̀kọ́ nìyẹn, mi ò bèèrè owó. Àmọ́ nígbà tó di pé èmi ni mò ń kọ gbogbo ìwé iye owó, tí mo sì ń bá wọn gba owó tó kù lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi iye sí i. Ó rò ó díẹ̀, ó fi sí i. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbà, mo rọra fi wọ́n sílẹ̀.

Kọmíṣọ̀n náà, ẹ rí i pé ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó mú kọ́sítọ́mà lọ, kó sì wà lórí Wọ́sáàpù ní kíkọ sílẹ̀: iye tó jẹ́, ìgbà tí wọ́n máa san án, bóyá orí owó iṣẹ́ nìkan ni àbí orí ẹrù náà. Lórí ẹrù ló máa ń di ìjà, torí èrè ibẹ̀ kéré ju bí àjèjì ṣe rò lọ, onísólà tó bá fún ẹ ní ìdá púpọ̀ lórí ẹrù máa fi wáyà tí kò nípọn dí i.

Báyìí àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ní báńkì ti ń pè mí, wọ́n fẹ́ kí n fún àwọn ní nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n. Mi ò kì í fún wọn lójú ẹsẹ̀. Màá ní kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì ránṣẹ́ sí mi, ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ohun kan pàtó tí wọ́n fẹ́ mọ̀, màá fi han ẹ̀gbọ́n, tó bá ní kí wọ́n pe òun, ìgbà yẹn ni nọ́ńbà máa lọ. Àwọn tó kọ gbólóhùn méjì yẹn ò pọ̀, àmọ́ kò tíì sí èyí tí ẹ̀gbọ́n ò dá lóhùn nínú wọn.